Kámẹ́rà Mẹ́ta àbí Ẹyọ Kan? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Eré Àwàdà àti Yàrá Ológiri Mẹ́ta

Gbọ̀ngàn kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ la yá lọ́nà Ìgbógbo, ní Ìkòròdú, ibẹ̀ la sì kan sẹ́ẹ̀tì eré àwàdà wa sí. Pákó pẹlẹbẹ ni ògiri rẹ̀. A kùn ún lọ́dà, a gbé àga onítìmùtìmù, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti kàlẹ́ńdà ìjọ sínú ẹ̀, ó sì jọ pálọ̀ ayálégbé tòótọ́. Ìyá ẹlẹ́wà tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún wa wo ilé náà títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí ògiri kẹta lowó ti tán lọ́wọ́ yín ni?"

A rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni ìyá béèrè. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti yọjú síbi iṣẹ́ wa, irú ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn nígbà tá a bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, tá à ń dúró kí jẹnẹrétọ̀ tutù.

Kí ni ìyàtọ̀ gan-an láàárín eré oníkámẹ́rà kan àti oníkámẹ́rà púpọ̀?

Bá a ṣe ń ya ìran kan ni ìyàtọ̀ wà. Nínú eré oníkámẹ́rà púpọ̀, kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òṣèré á ṣe ìran náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni wà lórí ìtàgé, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan á sì máa ṣọ́ ojú tí wọ́n yàn fún un. Nígbà tí ìran bá fi máa parí, gbogbo ojú ti wà nílẹ̀, kí olóòtú máa ṣà wọ́n ló kù.

Nínú eré oníkámẹ́rà kan, ńṣe la máa ń gé ìran wẹ́lẹwẹ̀lẹ. A ó ya gbogbo yàrá lákọ̀ọ́kọ́, a ó dúró, a ó ṣí iná nípò, a ó gbé kámẹ́rà lọ síwájú òṣèré kan ṣoṣo, òun náà á sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ látòkè. Lẹ́yìn náà ló máa kan ẹnì kejì, lẹ́yìn ìyẹn ó kan ọwọ́ tó di fóònù mú. Òṣèré lè sọ gbólóhùn kan náà nígbà mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí mo bá gbé kámẹ́rà méjì wá ńkọ́? Ṣé ó ti di oníkámẹ́rà púpọ̀ nìyẹn?

Rárá. Ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń pè ní oníkámẹ́rà kan ló ń lo méjì kó lè yá. Bí wọ́n bá ṣì ń tan iná ìwòye kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń ya ìran ní gígé-gígé, oníkámẹ́rà kan náà ni.

Báwo ni mo ṣe lè dá wọn mọ̀ látorí àga nílé mi?

Wo àga tó wà ní pálọ̀ wọn. Bí àga ńlá náà bá kọjú sí ẹ, tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í kẹ́yìn sí ẹ nídìí tábìlì oúnjẹ, tí ènìyàn mẹ́rin ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ kẹrin ṣófo, oníkámẹ́rà púpọ̀ ni. Iná ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ kárí, òjìji kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbì kankan.

Àmì kan tún wà tó dájú jùyẹn lọ. Tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń dánu dúró. Òṣèré á sọ̀rọ̀, á wá dákẹ́ díẹ̀, á wo ẹnì kejì láìṣe nǹkan kan, kó tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran ló ń fàyè sílẹ̀ fún. Bó o bá yọ ẹ̀rín yẹn kúrò, ìdákẹ́jẹ́ náà á dà bíi pé òṣèré gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó dáa, kí ló wá dé tí ẹ kì í mọ ògiri kẹrin?

Ohun mẹ́ta ló ń gbé ibi tí ògiri yẹn ì bá wà: kámẹ́rà, àwọn tó ń tì í, àti àwọn òǹwòran tó jókòó lẹ́yìn wọn. Ibi tí àṣà yìí ti rìnlẹ̀ jù ni Amẹ́ríkà, ní 1951.

Lọ́dún náà, Lucille Ball àti ọkọ rẹ̀ Desi Arnaz fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré àwàdà I Love Lucy fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS. New York ni ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ti ń jáde nígbà yẹn, tààrà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ló ń dé ojú àwọn ènìyàn. Àwọn tó ń gbé lápá kejì orílẹ̀-èdè náà, ẹ̀dà ni wọ́n ń rí: wọ́n á gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ya ohun tó ń kọjá níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Tọkọtaya yìí kò fẹ́ kúrò ní Los Angeles, àwọn tó ń náwó sí eré náà kò sì fẹ́ ẹ̀dà tó ṣókùnkùn. Wọ́n wá pinnu láti fi fíìmù onímílímítà 35 yà á, pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú nǹkan bí 300 ènìyàn tó jókòó tí wọ́n ń wò wọ́n. Àwọn kan ti dán irú ẹ̀ wò ṣáájú, àmọ́ ọwọ́ àwọn yìí ni iṣẹ́ náà ti gún régé débi tí àwọn mìíràn fi ń kọ́ ọ.

Iná ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Ẹni tó bá ti ya fíìmù rí mọ̀ pé iná tó bá ojú òṣèré mu láti iwájú lè sọ ojú kan náà di dúdú bó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Kámẹ́rà mẹ́ta túmọ̀ sí ìwòye mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá sì to iná sílẹ̀, á dí kámẹ́rà lọ́nà, á tún bo àwọn òǹwòran lójú. Karl Freund ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún, ọ̀kan nínú àwọn tó ya fíìmù Metropolis ti 1927 ní Jámánì. Ó gbé ọ̀pọ̀ jù lọ iná náà sókè, ó sì jẹ́ kó tàn kárí, kí ojú òṣèré má yàtọ̀ láti ibi yòówù tí wọ́n bá ti wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ tá à ń rí nínú irú eré wọ̀nyí títí dòní, ibẹ̀ ló ti wá. Bá a bá mọ ògiri kẹrin, níbo ni kámẹ́rà máa gbà? Ta ló máa rẹ́rìn-ín?

Ṣé nǹkan òyìnbó lásán ni? Àwọn baba wa náà ṣe àwàdà.

Wọ́n ṣe é dáadáa. Agbo ni alárìnjó máa ń ṣeré nínú rẹ̀. Àwọn òǹwòran á yí i ká, kò ní ògiri kan ṣoṣo, òṣèré á sì máa yí lọ yí bọ̀ kí gbogbo agbo lè rí i. Nígbà tí Hubert Ogunde àti àwọn tó tẹ̀ lé e gbé eré wọ inú gbọ̀ngàn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo làwọn òǹwòran jókòó sí. Orí irú ìtàgé bẹ́ẹ̀ ni Moses Olaiya, Baba Sala wa, ti mọ bí ènìyàn ṣe ń dúró de ẹ̀rín. Nígbà tí Aláwàdà, ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, dé orí tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ wọn ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kọjú sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn ọmọ tó ń sọ pé sẹ́ẹ̀tì ológiri mẹ́ta jẹ́ àmì òṣì jiyàn. Ìtàgé ni. Kámẹ́rà ló wá jókòó síwájú.

Ẹ fi ìran kan ṣàpẹẹrẹ, kó yé wa.

Ìran tá a kọ́kọ́ ṣe nìyí, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bàbá onílé wá gba owó iná. Bàbá Ṣèyí sá sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyá Ṣèyí ní ọkọ òun ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ látàná. Bàbá onílé ní kò burú, òun á pè é, ó sì tẹ nọ́ńbà. Fóònù dún lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Bá a ṣe fi kámẹ́rà mẹ́ta ṣe é rèé. Àárín ògiri ẹ̀yìn ni a fi kọ́tìnnì sí, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá onílé dúró lọ́wọ́ òsì òǹwòran, Ìyá Ṣèyí lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn méjèèjì kọjú síra wọn ṣùgbọ́n wọ́n ṣí èjìká sílẹ̀ díẹ̀ sí wa. Kámẹ́rà àárín ń wo gbogbo yàrá. Kámẹ́rà ọwọ́ òsì kò wo ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì o, Ìyá Ṣèyí lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń wò. Ti ọwọ́ ọ̀tún sì ń wo bàbá onílé. Wọ́n gba ara wọn kọjá bí igi tí wọ́n gbé dábùú ara wọn. Bí kámẹ́rà òsì bá gbójú lé ẹni òsì, etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló máa rí, torí ẹni náà ti kọjú sí ọ̀tún.

Níbí, ẹ̀rín kò dúró de fóònù. Àwọn òǹwòran ti rí ẹsẹ̀ Bàbá Ṣèyí lábẹ́ kọ́tìnnì láti ìgbà tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bàbá onílé nìkan ni kò rí i. Gbogbo gbólóhùn Ìyá Ṣèyí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù dún, òṣèré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di igi, ẹ̀rín sì bẹ́. Ìyá Ṣèyí dúró títí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, kò jẹ́ kó tán pátápátá, ó wá sọ pé: "Ó gbàgbé fóònù sílé ni." Bó bá sọ ọ́ ṣáájú, ariwo á gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bó bá jẹ́ kí gbọ̀ngàn tutù tán, ọ̀rọ̀ á bọ́ sílẹ̀ pòò. A ṣe ìran náà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta la ti fi dánrawò kó tó dọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, a tún ìran yìí yà nínú yàrá tòótọ́ kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà, pẹ̀lú kámẹ́rà ẹyọ kan. Ògiri mẹ́rin ló ní, àyè kò sì sí. Ipò mẹ́fà la gbé kámẹ́rà sí: gbogbo yàrá, ojú bàbá onílé, ojú ìyá, ìka tó ń tẹ nọ́ńbà, kọ́tìnnì, àti ẹsẹ̀. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ibẹ̀ yàtọ̀. Àwa la ní àṣẹ lórí ohun tí òǹwòran máa rí, nítorí náà a kò fi ọkọ hàn rárá. Òǹwòran náà gbà pé ó ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Fóònù dún, ojú ìyá kò yí padà, a wá gé lọ sí ìka ẹsẹ̀ márùn-ún tó ń ká ara wọn kò lábẹ́ kọ́tìnnì. Kò sí ẹni tó dúró de ẹ̀rín kankan, a gé kúrò níbẹ̀ kíá.

Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹnu òṣèré àti etí rẹ̀ ni àwàdà ń gbé. Nínú ti kejì, ibi tá a ti gé e ni.

Báwo lẹ ṣe wọn yàrá yẹn?

Ògiri ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16. Ẹnu yàrá, níbi tí ògiri kẹrin ì bá wà, jẹ́ 24. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ 12. Ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò dúró ṣánṣán, wọ́n la apá síta, bí ẹni fẹ́ gbá ènìyàn mọ́ra. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ kò ní rí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀, ògiri á sì dí àwọn òǹwòran tó jókòó sí ìkángun.

Àwọn àlejò máa ń sọ pé pálọ̀ náà tóbi ju ti ayálégbé lọ. Òótọ́ ni. Ibi tí ènìyàn mẹ́ta á ti rìn láìdí ara wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀. Àga ńlá kò sún mọ́ ògiri, a fa á wá síwájú kí òṣèré lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn sì wà lápá ẹ̀yìn, kí ẹni tó bá ń wọlé lè kọjú sí wa. Bí ilẹ̀kùn bá wà nítòsí ẹnu yàrá, ìpàkọ́ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ rí, àwọn òǹwòran ò sì ní mọ ẹni tó dé títí á fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bùn kan tún wà nínú àìsí ògiri kẹrin tí wọn kì í sábà sọ. Níwọ̀n bí kámẹ́rà kò ti lè kọjá sí òdìkejì, ojú àwọn òṣèré kì í ṣìnà. Bàbá onílé á máa wo ọ̀tún nígbà gbogbo, Ìyá Ṣèyí á máa wo òsì, bá a bá sì gé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, á hàn pé ara wọn ni wọ́n ń wò. Nínú yàrá ológiri mẹ́rin ní Ìta-Ẹlẹ́wà, a gbàgbé, a gbé kámẹ́rà kọjá láàárín wọn. Nígbà tá a délé, ó dà bíi pé àwọn méjèèjì ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. A ní láti padà lọ.

Kí ló bàjẹ́ nínú ti ológiri mẹ́ta?

Ó pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kámẹ́rà òsì rí kámẹ́rà ọ̀tún nínú àwòrán rẹ̀, torí wọ́n sún wọn jù sínú yàrá. A fà wọ́n sẹ́yìn kúrò lẹ́nu yàrá, a fi lẹ́ǹsì fa àwòrán sún mọ́, a sì lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀. Òjìji ọ̀pá máìkì bọ́ sójú Bàbá onílé. A ò mọ̀ títí a fi wo ojú ògiri lẹ́yìn rẹ̀, tí nǹkan kan ń jó níbẹ̀ bí ejò. A gbé máìkì sókè sí i, a yí iná kan padà.

Fóònù náà ńkọ́? A ní kí ó dún gan-an, a fi ẹnì kan sẹ́yìn pákó kó pè é. Níwájú gbogbo ènìyàn, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà, ohùn tá a ti gbà sílẹ̀ la máa ń tẹ̀.

Òjò ló burú jù. Páánù ni òrùlé gbọ̀ngàn náà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ariwo rẹ̀ wọ máìkì gbogbo, kò sì sí bí olóòtú ṣe máa yọ ọ́ láìba ohùn òṣèré jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ìkòròdú, kó lọ gbọ́ ilé náà lọ́jọ́ òjò kó tó san owó.

Ṣé inú páálí ni wọ́n ti ń mú ẹ̀rín jáde?

Nígbà míì, bẹ́ẹ̀ ni. Charley Douglass, ará Amẹ́ríkà kan, kan àpótí kan tó kó oríṣiríṣi ẹ̀rín sí, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ dùùrù. Wọ́n lò ó láti fi kún ẹ̀rín tí kò tó, wọ́n sì tún fi sínú eré oníkámẹ́rà kan tí òǹwòran kankan ò sí níbẹ̀. M*A*S*H, eré àwàdà nípa àwọn dókítà ológun tó jáde láti 1972 sí 1983, jẹ́ oníkámẹ́rà kan, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é gbà wọ́n láyè, àmọ́ wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ̀rín kò gbọ́dọ̀ dún nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo fara mọ́ wọn.

Eré kan lè yí láti ọ̀kan sí èkejì?

Ó lè yí, ilé á sì yí tẹ̀ lé e. Happy Days, eré àwàdà Amẹ́ríkà kan, jẹ́ oníkámẹ́rà kan ní sáà méjì àkọ́kọ́. Láti sáà kẹta, ní 1975, ó di oníkámẹ́rà púpọ̀ níwájú òǹwòran, wọ́n sì ní láti tún ilé ìdílé inú eré náà tò. Ìṣe àwọn òṣèré náà sì tóbi sí i, torí òǹwòran ti wà níwájú wọn.

Èwo lẹ máa ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré ṣe?

Kó wo ibi tí àwàdà rẹ̀ ń gbé ná. Ikorodu Bois, àwọn ọmọ ìlú wa tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti ohun èlò ilé tún fíìmù ńláńlá ṣe, bá wọn ronú: kámẹ́rà mẹ́ta àti òǹwòran kò ní wúlò fún wọn. Bí àwòrán tiwọn ṣe bá ti òyìnbó mu ní gígé kan lẹ́yìn òmíì ni ẹ̀rín ti ń wá. Oníkámẹ́rà kan ni iṣẹ́ wọn, fóònù kan sì tó.

Bó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin tó ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lo ní, kan ògiri mẹ́ta. Pákó á ná ọ lówó lẹ́ẹ̀kan, ìwọ á sì lò ó fún apá mẹ́wàá. Kámẹ́rà mẹ́ta kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá onílé á máa pupa, á máa dúdú. Jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ kí ẹnì kan tó pàtẹ́wọ́ níwájú wọn, ohùn pàtẹ́wọ́ yẹn ni olóòtú máa fi to wọ́n pọ̀.

Òǹwòran gan-an ni kò ṣeé rà. Ogójì àga oníke la tò, a sì ní kí àwọn ará àdúgbò wá.

Ìyá ẹlẹ́wà ńkọ́?

Iwájú ló jókòó sí. Ó ti rí ìdánrawò, nítorí náà ó mọ̀ pé fóònù máa dún, ó sì bú sẹ́rìn-ín kó tó dún. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ìyá Ṣèyí gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kù, a bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà kejì, a gbé ìyá lọ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a sì fún un ní omi tútù kó máa mu.